Ìkanlẹ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ìkọjá? Ọ̀nà méjì láti kọ́ ìyípo ìrìn, tí a fi wé ara wọn

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìyípo ìrìn fún ẹ̀dá àwòrán, ìyẹn ìgbésẹ̀ méjì tí a ń tún fi hàn léraléra kí ẹ̀dá náà lè máa rìn lọ, ìbáà jẹ́ lórí bébà, ìbáà jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tó ń gbéni débẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìkanlẹ̀, ìyẹn ìgbà tí gìgísẹ̀ iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀ tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò tíì kúrò nílẹ̀. Ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ìkọjá, ìgbà tí ẹsẹ̀ kan dá gbé gbogbo ara, tí èkejì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síwájú. Àwọn kan máa ń yà á láti fíréèmù kan sí èkejì láìní ìdúró pàtàkì kankan, ṣùgbọ́n èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi ìyẹn ṣe ìyípo, nítorí pé ìparí gbọ́dọ̀ pàdé ìbẹ̀rẹ̀ láìsí àléébù, ọ̀nà yẹn kì í sì í sábà jẹ́ kí wọ́n pàdé.

Àbájáde ọ̀nà méjèèjì lè jọra tí ẹ bá ṣe é parí. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ kí ẹ tètè rí, àti ohun tó ń fi pamọ́ fún yín títí iṣẹ́ fi fẹ́ẹ̀ẹ́ tán.

Kí ìfiwéra wa lè dọ́gba, ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀dá kan náà fún méjèèjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ní 90 sẹ̀ǹtímítà láti oríkèé ìbàdí dé ilẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, fíréèmù 12 ló sì ń gbà. Bí fíréèmù 24 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbésẹ̀ méjì ló ń gbé láàárín àkókò yẹn, ìrìn ẹni tí kò kánjú tí kò sì wọ́ ẹsẹ̀. Ìkanlẹ̀ wà ní fíréèmù 1. Ìwálẹ̀ wà ní 4, níbi tí orúnkún ti tẹ̀ tí ara sì rọ̀ sórí ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ìkọjá wà ní 7. Ìgòkè wà ní 10, níbi tí ẹsẹ̀ tó gbé ara ti gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè, tó sì ń ti ara síwájú. Ìkanlẹ̀ ẹsẹ̀ kejì wà ní 13, gbogbo rẹ̀ á tún wáyé ní òdìkejì, tí fíréèmù 25 á sì bá 1 mu pátápátá. Fíréèmù 25 yìí kì í wà lára ohun tí a ń fi hàn. A ń fi parí ìlà gíráàfù tó ń fi ìsún ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan hàn ni, ṣùgbọ́n ní 24 la ti ń yí padà sí 1, torí bí méjèèjì bá hàn tẹ̀lé ara wọn, ẹ̀dá náà á dúró kíún kó tó tún rìn.

Bí ẹ bá fi ìkanlẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ohun tí ìkanlẹ̀ ń fún yín ni ìwọ̀n. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ ti mọ bí ìgbésẹ̀ ṣe gùn tó, ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí, bí apá ṣe ń fì lódìkejì ẹsẹ̀, àti bí àyà ṣe tẹ̀ síwájú tó. Ẹ ya fíréèmù 1, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní òdìkejì sí 13, ẹ kó 1 sí 25, gígùn iṣẹ́ náà ti dúró nìyẹn. Tí ẹ̀dá bá ń rìn lójú kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é fún eré orí kọ̀ǹpútà, ìṣirò kékeré kan ló kù: ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sún sẹ́yìn ní 60 pín sí 12, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 5 ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan, láì yára, láì falẹ̀. Nínú Blender, ètò tí a fi ń mú àwòrán rìn lórí kọ̀ǹpútà, ẹ yan `Linear` fún ìlà ẹsẹ̀ yẹn ní gbogbo ìgbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ fi wà nílẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó máa rọra bẹ̀rẹ̀ kó sì máa rọra dúró, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìkanlẹ̀ kò sọ ohun púpọ̀ nípa ìwúwo. Ní àkókò yẹn gan-an, ara wà láàárín ẹsẹ̀ méjì. Kò tíì fara ti ọ̀kan, kò sì tíì fi èkejì sílẹ̀. Ẹni tó bá ya ìkanlẹ̀ méjì tó dára, tó wá ní kí kọ̀ǹpútà bá òun dí àárín wọn, yóò rí ìbàdí tó ń lọ gbọọrọ láìgòkè, láìsọ̀kalẹ̀, bí ẹni tó dúró lórí pátákó tí wọ́n ń fà.

Ìdí rẹ̀ kò le. Nígbà ìkanlẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì yà sí ara wọn bí ẹsẹ̀ àkàbà tí a là, nítorí náà ìbàdí ní láti lọ sílẹ̀. Ìdajì ìgbésẹ̀ wa jẹ́ 30, ẹsẹ̀ jẹ́ 90, gíga tí ìbàdí lè dé nígbà náà sì ni:

```
√(90² − 30²) = √7200 ≈ 84.9
```

Nígbà ìkọjá, ẹsẹ̀ tó gbé ara nàró sábẹ́ rẹ̀, ìbàdí sì láyè láti súnmọ́ 90. Sẹ̀ǹtímítà 5 ló wà láàárín méjèèjì, kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ní 1 àti ní 13 ló ń gbé gba 7 kọjá. Ẹsẹ̀ tó yẹ kó nà á wá di èyí tó tẹ̀ ní orúnkún, ẹ̀dá á sì máa rìn bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ àjà kúkurú. Tí ẹ bá rí orúnkún tó tẹ̀ nígbà tó yẹ kó gbé ara, ìbàdí ni kí ẹ lọ tún ṣe, ẹ má fọwọ́ kan orúnkún.

Àléébù kejì tó sábà ń bá ọ̀nà yìí rìn ni kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tètè kúrò nílẹ̀. Nítorí pé ìdúró pàtàkì tó tẹ̀lé ìkanlẹ̀ jìnnà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á ti gbéra ní fíréèmù 2. Nínú ìrìn gidi, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìyípo ni ẹsẹ̀ méjèèjì fi máa ń wà nílẹ̀ pọ̀, tí a bá ro ìgbà méjèèjì tó ń wáyé papọ̀. Nínú fíréèmù 24 tiwa, ìyẹn jẹ́ fíréèmù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ìkanlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wà nílẹ̀ títí dé 3, gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kó ti gòkè. Fíréèmù méjì yìí ni àsìkò tí ara ń kúrò lọ́dọ̀ ẹsẹ̀ kan bọ́ sọ́dọ̀ èkejì, ojú ẹni tó ń wò sì ń rí i bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tó rí.

Bí ẹ bá fi ìkọjá bẹ̀rẹ̀

Ìkọjá ń béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín tí ìkanlẹ̀ kì í béèrè: ta ló gbé ara yìí? Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Bí ìbàdí bá wà láàárín gbùngbùn bó ṣe wà nígbà ìkanlẹ̀, ẹ̀dá náà yẹ kó ṣubú. Nítorí náà ẹ wò ó láti iwájú, ẹ fa ìlà kan láti àárín ìbàdí lọ tààrà sílẹ̀, kí ẹ sì wo bó ṣe jìnnà sí ẹsẹ̀ tó tẹ ilẹ̀ tó. Ẹ wá sún ìbàdí lọ sí ìhà ẹsẹ̀ yẹn.

Ìwọ̀nba ni ìsúnlọ yìí ṣùgbọ́n. Nínú ìrìn tó dán mọ́rán, ara kì í bọ́ sórí ẹsẹ̀ náà tán. Ìhà inú ẹsẹ̀ ni ó máa ń kù sí, nítorí pé ẹsẹ̀ kejì ń bọ̀ kíákíá láti gbà á kó tó ṣubú. Ẹ̀dá tiwa, sẹ̀ǹtímítà 3 sí ọ̀tún àti 3 sí òsì ti tó o. Ẹni tó bá sún un dé orí ẹsẹ̀ gan-an nínú ìrìn fíréèmù 12 yóò rí pẹ́pẹ́yẹ. Bí ìrìn bá ṣe falẹ̀ tó ni ìsúnlọ ṣe ń pọ̀ sí i, torí ẹsẹ̀ kan ní láti dá ara gbé pẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dídẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Ìhà ẹsẹ̀ tó wà lókè ni ìbàdí ti máa ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, bíi dígíríì 4 tàbí 5, torí kò sí ohun tó gbé e lábẹ́ níbẹ̀. Èjìká á dẹ̀ sí òdìkejì láti fi dọ́gba. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti bá jókòó máa ń yí èyí padà. Wọ́n á gbé ìbàdí sókè ní ìhà ẹsẹ̀ tó ń kọjá, wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ á ṣe ráàyè kọjá láì ha ilẹ̀. Orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí ìbàdí bá ṣe é, ẹ̀dá náà á jọ ẹni tí itan ń dùn.

Èmi gbà pé ìkọjá ló ń fi ìwà ẹ̀dá hàn jù. Ẹni tó ń yan, ẹni tó ń rìn tìkọ̀tìkọ̀, ẹni tó ń yọ́ rìn lóru, ìkanlẹ̀ wọn lè jọra púpọ̀, àmọ́ bí wọ́n ṣe gbé ẹsẹ̀ kejì kọjá ló ń sọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ibi tí ọ̀nà yìí kù sí ni ìwọ̀n. Ẹ lè ya ìkọjá méjì tó rẹwà, kí ẹ wá rí i pé ìgbésẹ̀ tó so wọ́n pọ̀ gùn ju ohun tí ẹsẹ̀ lè nà dé. Lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí `IK`, ohun tó ń tẹ orúnkún fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti gbé àtẹ́lẹsẹ̀ síbi kan, bá ti ń darí ẹsẹ̀, àmì rẹ̀ ni orúnkún tó ń fò: ẹsẹ̀ nà tán ní fíréèmù kan, ó ta padà ní èyí tó tẹ̀lé e. Ẹ wo ìṣirò òkè yẹn. Tí ìbàdí bá wà ní 87 nígbà ìkanlẹ̀ ìgbésẹ̀ 60, ẹsẹ̀ 90 kò lè dé ilẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè tan án. Ẹ sọ ìbàdí kalẹ̀ sí 83, kí orúnkún lè tẹ̀ díẹ̀ nígbà gbogbo, fífò náà á sì dáwọ́ dúró.

Ọkùnrin tó gbé àpò sìmẹ́ńtì

Iṣẹ́ tó jẹ́ kí n mọ ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì dáadáa ni ti ọkùnrin kan tó gbé àpò sìmẹ́ńtì sí èjìká ọ̀tún. Ìkanlẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní òdìkejì bí mo ṣe máa ń ṣe, mo fa gígùn ìyípo sí fíréèmù 32, mo sì gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò.

Wọ́n wò ó títí. "Àbúrò, kí ló wà nínú àpò yẹn?"

"Sìmẹ́ńtì ni, ẹ̀gbọ́n. Kílò 50."

Wọ́n mú bébà kan, wọ́n fi bo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà lójú kọ̀ǹpútà, ó wá ku láti ìbàdí sókè. "Wò ó báyìí. Ṣé o rí ibi tí àpò yẹn ti wúwo?"

N kò rí i. Ìbàdí ń lọ sókè sódò ní ìwọ̀n kan náà, bí ọkọ̀ ojú omi kékeré. Fífa fíréèmù gùn kò fi ìwúwo kún un. Ó kàn mú kí ẹni tó fúyẹ́ rìn díẹ̀díẹ̀ ni.

Mo pa á tì, mo tún un ṣe láti ìkọjá. Mo gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́, ìhà tí àpò wà. Ìwúwo àpò ti súnmọ́ orí ẹsẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀, nítorí náà ìbàdí kò ní láti sún jìnnà, sẹ̀ǹtímítà 4 tó. Mo wá gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ òsì. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà: ó ní láti gbé ìwúwo tó wà lọ́tùn-ún kọjá àárín ara wá sórí ẹsẹ̀ òsì, ìbàdí sún 7, àyà àti orí tẹ̀ sí òsì, apá òsì tó ṣófo yà kúrò lára láti fi dọ́gba. Apá ọ̀tún di àpò mú, kò fì rárá. Ìkọjá méjì wọ̀nyí kò lè jẹ́ ẹ̀dà ara wọn. Ẹ̀dà tí mo ṣe nígbà àkọ́kọ́ ni ó pa ìwúwo náà, torí ó jẹ́ kí ọkùnrin náà rìn bí ẹni tí àpò kan wà ní èjìká rẹ̀ méjèèjì.

Ohun tí mo ní ní ìparí nìyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìn ẹ̀dá kan náà láìgbé nǹkan. Nọ́ńbà gíga jẹ́ ti ìbàdí sí ilẹ̀, ní sẹ̀ǹtímítà, fíréèmù sì wà nínú àkámọ́.

| | Láìgbé nǹkan | Pẹ̀lú àpò |
|---|---|---|
| Fíréèmù fún ìgbésẹ̀ kan | 12 | 16 |
| Gígùn ìgbésẹ̀ | 60 | 48 |
| Ìkanlẹ̀ | 83 (1) | 81 (1) |
| Ìwálẹ̀ | 80 (4) | 74 (6) |
| Ìkọjá | 86 (7) | 82 (10) |
| Ìgòkè | 88 (10) | 83 (14) |
| Ìsúnlọ sí ẹ̀gbẹ́ | 3 àti 3 | ọ̀tún 4, òsì 7 |

Ìlà ìwálẹ̀ ni kí ẹ fojú sí. Ìrìn lásán lọ sílẹ̀ ní 3, ti àpò lọ sílẹ̀ ní 7, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Láti 6 sí 8 ni ìbàdí fẹ́rẹ̀ẹ́ máà kúrò lójú kan, nítorí pé itan ṣì ń kó agbára jọ láti gbé ara àti àpò dìde. Ìdí nìyẹn tí ìkọjá fi pẹ́ dé 10. Ìgòkè rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí: sẹ̀ǹtímítà 1 péré ló fi ju ìkọjá lọ, níbi tí ti ẹni tí kò gbé nǹkan jẹ́ 2. Ẹni tó wúwo ń já lulẹ̀ kíákíá, ó ń dìde pẹ̀lú ìnira. Ẹ yí i padà fún ẹni tó fúyẹ́, ẹ jẹ́ kó pẹ́ lókè kí ìwálẹ̀ rẹ̀ sì kúrú.

Ẹni tó bá fi kámẹ́rà ya ènìyàn gidi á rí i pé ìgbà ìkọjá ni ara ń ga jù. Àwa la ń sún gíga yẹn síwájú dé ìgòkè, kí títì tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń ti ara lè hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ̀ǹtímítà 8 tó wà láàárín 80 àti 88 ju ti ènìyàn gidi lọ, tí kì í sábà ju nǹkan bí 5 lọ. Mo ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Fún ẹ̀dá tó jọ ènìyàn gidi gan-an, ẹ dín in kù.

Àpò fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá ìbàdí dé ìsàlẹ̀ ní àsìkò kan náà. Mo jẹ́ kó dé ní 8, fíréèmù méjì lẹ́yìn ìbàdí, orí sì dé ní 7. Nígbà tí mo fi fíréèmù méjì yẹn sí i ni àpò ṣẹ̀ṣẹ̀ di sìmẹ́ńtì lójú mi.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé ó ti dára

Ẹ fi ẹsẹ̀, apá àti orí pamọ́, kí ó ku ìbàdí nìkan. Ẹ wò ó láti iwájú. Nínú ìyípo kan, ìbàdí ń lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì, ẹ̀ẹ̀kan fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń lọ sí ọ̀tún kó tó wá sí òsì. Tí ẹ bá tọ ipa rẹ̀, ó máa ń súnmọ́ nọ́ńbà 8 tó dùbúlẹ̀. Ipa tó rí bí ìlà òró kan fi hàn pé kò sí ìsúnlọ sí ẹ̀gbẹ́ rárá, iṣẹ́ ìkanlẹ̀ tí wọn ò parí nìyẹn. Ipa tó ní igun ṣóńṣó níbì kan fi hàn pé ìlà gíráàfù fíréèmù 25 kò bá ti 1 mu bó ṣe ń wọlé tó ń jáde, ẹ ó sì rí ìtagìrì níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìyípo bá yí.

Lẹ́yìn náà ẹ dá ẹsẹ̀ padà, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi ìka mú ojú kan lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ilẹ̀ àti ẹsẹ̀ kò bá jọ sún ní ìwọ̀n kan, iṣẹ́ ìkọjá tí wọn ò wọn nìyẹn.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí wọ́n bá ti fún yín ní ìyára tí ẹ̀dá gbọ́dọ̀ máa rìn, bó ṣe máa ń rí nínú eré orí kọ̀ǹpútà, tàbí tí ẹ̀dá náà ń rìn ní ìdọ́gba láìgbé nǹkan, ìkanlẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan apá tàbí aṣọ rárá, ẹ ya ìkọjá ní 7 àti 19, kí ẹ fi gíga àti ìsúnlọ ìbàdí sí i. Kò yẹ kí kọ̀ǹpútà yan ìyẹn fún yín.

Bí ẹ̀dá bá ń tiro, tó gbé ẹrù sí apá kan, tó mutí, tó lóyún, tàbí tí ìrìn rẹ̀ falẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ kan ń dá a gbé pẹ́, ìkọjá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀. Nígbà tí ẹ bá parí méjèèjì, ẹ wọn ìgbésẹ̀ tó wà láàárín wọn, ẹ fi ìṣirò òkè yẹn wo gíga tí ìbàdí lè gbà, kí ẹ tó ya ìkanlẹ̀.

Tí ẹ kò bá tíì kọ́ ìyípo ìrìn kankan rí, ẹ fi ìkanlẹ̀ ṣe ti ẹ̀dá tí kò gbé nǹkan pẹ̀lú nọ́ńbà inú táblì yẹn, lẹ́yìn náà ẹ gbé àpò kan lé e léjìká, kí ẹ sì tún un ṣe láti ìkọjá.